Ẹni tó ń gba pẹ́ńṣàn Amẹ́ríkà tó tún ń ṣiṣẹ́ l'Ápàpá: ohun tí wákàtí 45 lè fà

Ẹni tó bá gba Màlúù Róòdù láti ìhà Àpápá wọ Ajégúnlẹ̀ yóò rí i pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó ti fẹ̀yìntì ló jókòó sílé. Àwọn kan ń ṣọ́ ẹnu géètì, àwọn kan ń kọ ìwé ẹrù fún àwọn ilé iṣẹ́ tó ń bá èèyàn gba kọ̀ǹténà jáde ní èbúté, àwọn míì sì ti fi owó tí wọ́n gbà nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì ṣí ṣọ́ọ̀bù. Ìbéèrè tó wà lẹ́nu ọ̀pọ̀ wọn ni pé ṣé owó tuntun tó ń wọlé yìí kò ní mú kí wọ́n gé pẹ́ńṣàn àwọn kù, tàbí kí wọ́n dá a dúró pátápátá?

Ọwọ́ ẹni tó ń san pẹ́ńṣàn náà ni ìdáhùn wà. Òfin Nàìjíríà yàtọ̀, ti ìlú Ọba yàtọ̀, ti Amẹ́ríkà náà sì tún yàtọ̀. Ti Amẹ́ríkà ló ń mú èèyàn lójijì jù, pàápàá ẹni tó ti padà wálé tó sì rò pé ohun tí òun ń ṣe ní Èkó kò kan ẹnikẹ́ni l'Ámẹ́ríkà mọ́.

Ti Nàìjíríà àti ti ìlú Ọba

Lábẹ́ òfin owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014, owó tí òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́ jọ ń dá ló ń wọ inú àpò kan tó jẹ́ ti òṣìṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Òṣìṣẹ́ ń dá ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún, agbanisíṣẹ́ ń dá 10. Nígbà tí ó bá fẹ̀yìntì, inú àpò yìí ni wọ́n ti ń yọ owó fún un lóṣooṣù. Nítorí pé owó ara rẹ̀ ló ń gbà, òfin náà kò fi gbèdéke kankan sí iye tó lè rí níbi iṣẹ́ mìíràn lẹ́yìn náà. Bí ó bá ríṣẹ́ tuntun, owó orí yóò wà lórí owó oṣù tuntun náà, àmọ́ kò sẹ́ni tó máa tìtorí rẹ̀ dín pẹ́ńṣàn rẹ̀ kù. Bí ilé iṣẹ́ tuntun yẹn bá tún dá owó sínú àpò rẹ̀, ńṣe ni àpò náà ń wú sí i.

Ibì kan ṣoṣo tí iṣẹ́ tuntun ti lè dí èèyàn lọ́wọ́ ni ti ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gbà tó ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó wà nínú àpò rẹ̀, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dúró fún oṣù mẹ́rin, kó má sì tíì ríṣẹ́ mìíràn. Bí ó bá ríṣẹ́ kí oṣù mẹ́rin náà tó pé, owó yẹn á dúró sínú àpò di ọjọ́ ogbó. Ohun tó fà á kò ju pé òfin fẹ́ kí owó náà wà fún ẹni tí kò ní ibòmíì tó lè yíjú sí.

Ìlú Ọba ní irú gbèdéke yìí tẹ́lẹ̀, tí owó oṣù àgbàlagbà tó bá ju iye kan lọ ń jẹ́ kí wọ́n gé pẹ́ńṣàn ìjọba rẹ̀. Wọ́n fa ìgbà náà tì ní oṣù Kẹwàá ọdún 1989. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó bá ti tó ọjọ́ orí pẹ́ńṣàn lè ṣiṣẹ́ tó bá ṣe wù ú, kí pẹ́ńṣàn ìjọba rẹ̀ sì máa wọlé bó ṣe yẹ. Owó orí ló lè pọ̀ sí i. Nítorí náà, bí àbúrò tó wà ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù bá sọ fún yín pé òun ń ṣiṣẹ́ òun sì ń gba pẹ́ńṣàn òun pé, òótọ́ ló sọ, àmọ́ ẹ má fi ìyẹn gbé ẹni tó wà l'Ámẹ́ríkà.

Bí ti Amẹ́ríkà ṣe rí fún ẹni tó ṣì wà lọ́hùn-ún

Pẹ́ńṣàn ìjọba Amẹ́ríkà ni wọ́n ń pè ní Sóṣíà Sẹkúríítì. Èèyàn lè bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á láti ẹni ọdún 62, àmọ́ ọjọ́ orí tí wọ́n kà sí ọjọ́ orí kíkún ni 67 fún ẹnikẹ́ni tí wọ́n bí lọ́dún 1960 tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá tètè gbà á yóò gbà dín. Láàárín ọdún 62 sí 67 yìí ni ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ti ń fa wàhálà. Tí èèyàn bá ti pé 67, kò sí gbèdéke mọ́, ó lè ṣiṣẹ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Òfin tí Ààrẹ Clinton fọwọ́ sí ní oṣù Kẹrin ọdún 2000 ló mú gbèdéke kúrò lọ́rùn àwọn tó ti tó ọjọ́ orí kíkún.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ kan tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà látòkè délẹ̀. Ká ní bàbá kan wà tí wọ́n bí lọ́dún 1962, tó ti di ọmọ onílùú Amẹ́ríkà, tó sì ṣiṣẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Tó bá ní sùúrù di ẹni ọdún 67, dọ́là 1,700 ni yóò máa gbà lóṣù. Ṣùgbọ́n ó ní òun ò lè dúró, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbà á ní ẹni ọdún 62. Wọ́n yọ ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún kúrò, ó wá ku dọ́là 1,190 lóṣù.

Bí bàbá yìí bá ṣì wà l'Ámẹ́ríkà tó sì tún ń ṣiṣẹ́, iye tó rí láàárín ọdún ni wọ́n máa wò. Gbèdéke ọdún 2025 jẹ́ dọ́là 23,400, wọ́n sì sún un sókè sí 24,480 fún ọdún 2026. Nínú dọ́là méjì-méjì tó bá rí kọjá gbèdéke, wọ́n ń dá dọ́là kan dúró nínú pẹ́ńṣàn rẹ̀. Ká ní ó rí dọ́là 33,400 lọ́dún 2025. Ó fi dọ́là 10,000 kọjá gbèdéke, ìdajì rẹ̀, ìyẹn 5,000, ni wọ́n máa dá dúró. Wọn kì í gé e díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù o. Odindi oṣù ni wọ́n ń dá dúró láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, títí iye náà á fi pé. Dọ́là 1,190 lọ́nà márùn-ún jẹ́ 5,950, nítorí náà oṣù márùn-ún ni kò ní rí kọ́bọ̀ gbà, tí wọ́n á sì wá dá dọ́là 950 tó lé padà fún un lẹ́yìn náà. Ní ọdún tí èèyàn máa pé 67 gan-an, wọ́n máa ń gbé gbèdéke náà ga sí i púpọ̀, dọ́là kan péré ni wọ́n sì ń mú nínú mẹ́ta, fún àwọn oṣù tó ṣáájú oṣù ọjọ́ ìbí rẹ̀.

Òfin yìí ni ọ̀pọ̀ àwọn ará wa tó wà lọ́hùn-ún mọ̀ dáadáa. Òun náà ni wọ́n ń gbé wálé lẹ́nu, tí wọ́n sì ń rò pé òun ni yóò máa bá wọn lọ ní Èkó. Kì í rí bẹ́ẹ̀ fún gbogbo èèyàn.

Ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Nàìjíríà

Ká ní bàbá wa padà wálé lọ́dún 2025, ó ń gbé ní ìtòsí Màlúù Róòdù, pẹ́ńṣàn rẹ̀ sì ń wọlé lóṣooṣù. Ilé iṣẹ́ kan l'Ápàpá, tó ń bá èèyàn gba ẹrù jáde ní èbúté, ní kó wá máa bá àwọn bójú tó ìwé ẹrù, pé 250,000 náírà ni àwọn á máa san fún un lóṣù. Bàbá ṣírò rẹ̀. Ká ní dọ́là kan jẹ́ 1,500 náírà, mílíọ̀nù mẹ́ta náírà lọ́dún kò ju dọ́là 2,000 lọ. Kò tiẹ̀ tó ìdá kan nínú mẹ́wàá gbèdéke 23,400 tó mọ̀. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó gba iṣẹ́ náà.

Àṣìṣe ibẹ̀ ni pé gbèdéke owó kò kan irú iṣẹ́ yìí rárá. Iṣẹ́ tí èèyàn bá ṣe lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, tí kò sì sí owó orí Sóṣíà Sẹkúríítì Amẹ́ríkà lórí rẹ̀, wákàtí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Bí ẹni tí kò tíì pé 67 bá ṣiṣẹ́ ju wákàtí 45 lọ nínú oṣù kan, pẹ́ńṣàn oṣù yẹn lọ pátá. Wọn kì í béèrè iye tó gbà. Ì báà jẹ́ mílíọ̀nù kan náírà, ì báà jẹ́ owó ọkọ̀ lásán, ìdáhùn kan náà ni.

Wákàtí 45 lóṣù kì í ṣe nǹkan tó pọ̀. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ láago mẹ́jọ, tó ń ṣe wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́, yóò ti kọjá rẹ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́ kẹfà. Bàbá wa yóò gba 250,000 náírà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ náà, yóò sì pàdánù dọ́là 1,190, èyí tó jẹ́ 1,785,000 náírà ní iye tá a fi ṣírò. Bí ó bá ṣe é fún odindi ọdún, dọ́là 14,280 ni kò ní wọlé mọ́ nítorí iṣẹ́ tó mú dọ́là 2,000 wá. Ká sòótọ́, ó sàn kó jókòó sílé.

Ọ̀rọ̀ náà kò tán sí ọ̀dọ̀ bàbá nìkan. Bí ìyàwó rẹ̀ bá ń gba owó nítorí iṣẹ́ tí ọkọ ṣe l'Ámẹ́ríkà, oṣù tí wọ́n bá dá ti ọkọ dúró, ti ìyàwó náà máa dúró ni, bí ìyá kò tilẹ̀ fọwọ́ kan iṣẹ́ kankan. Ẹ tún wo ìtumọ̀ tí wọ́n fún iṣẹ́. Ọjọ́ tí àdéhùn iṣẹ́ wà láàárín ìwọ àti agbanisíṣẹ́, bí àìsàn tàbí ìsinmi ò tiẹ̀ jẹ́ kó o débẹ̀, wọ́n lè kà á mọ́ ọjọ́ iṣẹ́. Ẹni tó bá wà ní ìsinmi olóṣù kan, tó sì rò pé pẹ́ńṣàn oṣù yẹn ti bọ́, yóò rí i pé kò bọ́.

Ohun tó dára níbẹ̀ ni pé oṣooṣù ni wọ́n ń wò ó. Ẹni tó ṣiṣẹ́ ní oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta tó sì fi í sílẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló pàdánù, pẹ́ńṣàn rẹ̀ á padà láti oṣù Kẹrin. Ẹni tó bá sì bá agbanisíṣẹ́ ṣe àdéhùn wákàtí méjì lójúmọ́ fún ogún ọjọ́, wákàtí 40 ló ṣe, kò kọjá ààlà. Àmọ́ kí àdéhùn yẹn wà ní kíkọ, kí ìwé tí wọ́n fi ń kọ ìgbà tó dé àti ìgbà tó lọ sì wà pẹ̀lú, torí ẹnu lásán kò lè fi wákàtí hàn.

Ẹni tó dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀

Bí bàbá yìí kan náà kò bá gba iṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni, tó jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù ló ṣí sí Màlúù Róòdù, tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò, ọ̀rọ̀ yí padà. Ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tó bá ń ṣe òwò ara rẹ̀, kò sí ibi tó lè wà láyé tí owó orí Sóṣíà Sẹkúríítì kò ní wà lórí èrè òwò náà, àyàfi tí àdéhùn bá wà láàárín ìlú yẹn àti Amẹ́ríkà lórí ọ̀rọ̀ náà. Kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ láàárín Nàìjíríà àti Amẹ́ríkà. Nítorí pé owó orí wà lórí òwò náà, gbèdéke owó tọdọọdún ló máa kàn án, kì í ṣe ti wákàtí.

Ká ní èrè tó kù lẹ́yìn tó yọ owó ọjà, owó ṣọ́ọ̀bù àti owó ọmọṣẹ́ jẹ́ mílíọ̀nù mẹ́sàn-án náírà lọ́dún, ìyẹn dọ́là 6,000. Kò sún mọ́ 23,400. Pẹ́ńṣàn rẹ̀ á wọlé pé láti oṣù Kìíní dé Kejìlá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àtàárọ̀ dalẹ́ ló ń wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ohun tó máa san ni owó orí tá a wí yìí, èyí tó ń lọ sí ìdá 15.3 nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń ṣírò lórí èyí tó pọ̀ jù nínú èrè. Lórí dọ́là 6,000, ó máa tó 850 lọ́dún. Bí èrè bá ti tó dọ́là 400 lọ́dún ni owó orí náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ìdáríjì owó orí tí Amẹ́ríkà ń ṣe fún àwọn ọmọ wọn tó ń gbé lẹ́yìn odi kò sì kàn án. Ó ń dunni lóòótọ́, àmọ́ dọ́là 850 lọ́dún yàtọ̀ sí 14,280.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni ìwé tí wọ́n fi ń forúkọ òwò sílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ orúkọ òwò lásán ló fi sílẹ̀, òun àti òwò náà jẹ́ ọ̀kan, ohun tá a sọ yìí ló máa rí. Bí ó bá sọ ọ́ di kọ́ńpìnnì tó ní Límítẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn orúkọ, tó sì wá ń san owó oṣù fún ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá àgbà, ó ti di òṣìṣẹ́ lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ Nàìjíríà kan. Wákàtí 45 ló tún máa padà wá bá a. Ṣọ́ọ̀bù kan náà ni, ọjà kan náà ni, ìwé ìforúkọsílẹ̀ ló yàtọ̀. Ó yẹ kí agbẹjọ́rò tàbí aṣírò owó tó ń bá èèyàn forúkọ òwò sílẹ̀ mọ̀ pé oníbàárà òun ń gba pẹ́ńṣàn Amẹ́ríkà kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé.

Ẹni tí kò tíì di ọmọ onílùú, tó jẹ́ gíríìn káàdì ló ní tẹ́lẹ̀ kó tó padà wá máa gbé nílé pátápátá, kò sí nínú àǹfààní yìí. Òwò ara rẹ̀ ní Nàìjíríà kì í sábà ní owó orí Amẹ́ríkà nínú mọ́, nítorí náà wákàtí ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, wọ́n sì lè ka jíjẹ́ tó jẹ́ olówó òwò náà, tàbí ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín, sí iṣẹ́, bí kò tiẹ̀ yọjú sí ṣọ́ọ̀bù, bí kò tilẹ̀ rí èrè níbẹ̀. Òfin mìíràn tún wà tó kan àwọn tí kì í ṣe ọmọ onílùú tí wọ́n bá ti pé oṣù mẹ́fà lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà, ìyẹn sì yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́.

Owó ilé ńkọ́? Àwọn tó kọ́ ilé sí Ajégúnlẹ̀ tí wọ́n sì ń gba owó lọ́wọ́ ayálégbé lè fọkàn balẹ̀. Owó ilé lásán, èlé tí bánkì san, pẹ́ńṣàn míì tí èèyàn ń gbà ní Nàìjíríà, wọn kì í ka ìwọ̀nyí sí owó iṣẹ́ nínú gbèdéke yìí.

Owó tí wọ́n dá dúró, ṣé ó ti lọ?

Kò lọ tán, àmọ́ ó pẹ́ kó tó padà. Nígbà tí bàbá bá pé 67, àjọ Sóṣíà Sẹkúríítì máa tún ìṣirò rẹ̀ ṣe. Wọ́n máa ka àwọn oṣù tí wọ́n dá pẹ́ńṣàn rẹ̀ dúró bíi pé kò tètè gbà á nínú àwọn oṣù yẹn. Ká ní oṣù 24 ni wọ́n dá dúró. Dípò ìdá 30 tí wọ́n yọ lọ́jọ́sí, 20 ni wọ́n máa yọ báyìí, pẹ́ńṣàn rẹ̀ á sì gòkè láti 1,190 sí dọ́là 1,360, láìka àwọn àfikún tó ń bá ọ̀wọ́n ọjà rìn.

Àfikún dọ́là 170 lóṣù nìyẹn. Èyí tí wọ́n dá dúró fún oṣù 24 jẹ́ dọ́là 28,560. Tá a bá fi 170 pín in, oṣù 168 ni, ìyẹn ọdún mẹ́rìnlá gbáko. Bàbá á ti pé ẹni ọdún 81 kí owó yẹn tó padà sọ́wọ́ rẹ̀ tán. Ẹni tó bá dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ jèrè, ẹni tí kò bá dé ibẹ̀ kò rí i gbà pé. Nítorí èyí, àwọn tó ń sọ pé “wọ́n máa dá a padà fún ẹ” kò parọ́, àmọ́ wọn ò sọ ọ́ tán.

Fọ́ọ̀mù tó ń wá lẹ́tà

Àwọn tó ń gba pẹ́ńṣàn Amẹ́ríkà lẹ́yìn odi máa ń rí fọ́ọ̀mù kan gbà lọ́dọọdún tàbí ní ọdún méjì-méjì. SSA-7162 ni orúkọ rẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí èèyàn ń gbé, bóyá ó ṣègbéyàwó, àti bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá ń ṣiṣẹ́, SSA-7163 ló tún máa kún, níbi tó ti máa ṣàlàyé irú iṣẹ́ náà àti wákàtí tó ń ṣe. Ẹni tí kò bá dá SSA-7162 padà, wọ́n lè dá pẹ́ńṣàn rẹ̀ dúró, bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́ wákàtí kan ṣoṣo. Ní àdúgbò tí lẹ́tà kì í ti í tètè dé ọwọ́ ẹni tó ni ín, ibí yìí ni wàhálà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i pé ọdún méjì kọjá tí fọ́ọ̀mù kankan ò dé, kó kàn sí wọn fúnra rẹ̀, kó sì rí i dájú pé àdírẹ́sì tó wà lọ́wọ́ wọn ṣì tọ̀nà.

Fọ́ọ̀mù nìkan kọ́ ni èèyàn gbọ́dọ̀ dúró dè. Nígbà tí iṣẹ́ bá ti bẹ̀rẹ̀ ló yẹ kó sọ fún wọn. Bí kò bá sọ, tí pẹ́ńṣàn sì ń wọlé lọ, ohun tó máa padà dé ni lẹ́tà tó ń sọ pé wọ́n ti san jù fún un, kó dá a padà. Àmì tí èèyàn fi ń mọ̀ ni pé pẹ́ńṣàn kàn máa ṣàdédé dín kù tàbí kó má wọlé, torí inú èyí tó kàn ni wọ́n ti ń yọ gbèsè náà. Ìjìyà àfikún tún wà fún ẹni tí kò sọ ọ́ lásìkò, ìyẹn sì ń gbé pẹ́ńṣàn oṣù míì lọ lórí èyí tó ti lọ tẹ́lẹ̀. Bàbá wa tó ṣe ọdún kan nílé iṣẹ́ ẹrù láì wí fún wọn, gbèsè dọ́là 14,280 ló máa bá nílẹ̀, ti ìyàwó rẹ̀ á sì tún wà lọ́tọ̀.

Bí lẹ́tà bẹ́ẹ̀ bá dé, àyè wà láti ní kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò bí wákàtí tí wọ́n kọ kò bá tọ̀nà, àyè sì tún wà láti bẹ̀ wọ́n kí wọ́n máa yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù. Ọjọ́ tí wọ́n fún èèyàn láti fèsì máa ń wà nínú lẹ́tà náà. Ìwé àkọsílẹ̀ wákàtí, lẹ́tà ìgbaniṣíṣẹ́ àti ti ìfiṣẹ́sílẹ̀, àti ìwé ìforúkọsílẹ̀ òwò ni àwọn nǹkan tí wọ́n máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.